Bíbu omi là ló ń fi elẹ́kítíróláìtì alágbára hàn: bí a ṣe ń wọn ìgbéná KCl àti ti ásíìdì àsẹ́tíìkì

Ẹ gbé bíkà méjì ka orí tábìlì. Ẹ da omi pọtásíọ́mù kíláráìdì (KCl) tó jẹ́ 0.001 mol/L sínú ọ̀kan. Ẹ da ásíìdì àsẹ́tíìkì (CH3COOH), ìyẹn ásíìdì inú fínígà, sínú èkejì ní 0.1 mol/L. Bí ẹ bá ti ọ̀pá mítà ìgbéná bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní 25 °C, mítà yóò ka nǹkan bíi 147 µS/cm fún KCl, yóò sì ka nǹkan bíi 520 µS/cm fún ásíìdì. Elẹ́kítíróláìtì ni ohun tó ń mú kí omi gbé iná bí a bá yọ́ ọ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ásíìdì ni elẹ́kítíróláìtì alágbára, pé KCl ni kò lágbára. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló jẹ́ òótọ́.

Ohun tó ń ṣini lọ́nà níbí ni pé a máa ń rò pé kí nǹkan lágbára àti kí ó ki, ọ̀kan náà ni. Kíki ń sọ iye móòlù tó wà nínú lítà kan. Agbára ń sọ ohun mìíràn: nínú gbogbo ohun tí a yọ́ sínú omi, mélòó ló túká di áyọ́nù, ìyẹn àwọn ègé tó ń gbé iná? Gbogbo KCl tó bá yọ́ ló ń túká di K⁺ àti Cl⁻, kò sí èyí tó ṣẹ́kù ní odidi. Ní ti ásíìdì àsẹ́tíìkì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri ní odidi mólékù tí kò gbé iná kankan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló túká.

Mítà kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń gbé jáde ti kó nǹkan mẹ́ta pọ̀: iye móòlù tó wà níbẹ̀, ìdá tó túká nínú wọn, àti bí áyọ́nù kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára tó. Ọ̀nà tí a fi lè tú wọn sọ́tọ̀ ni kí a bu omi là wọ́n, kí a tún wọn, kí a sì wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń wálẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe nìyẹn, láti orí òṣùwọ̀n títí dé orí ìṣirò.

Ohun tí a ń kà àti ohun tí a ń ṣírò

Èyí tí mítà ń kà ni agbára ìgbéná, κ. Ó ń sọ bí omi náà ṣe ń jẹ́ kí iná kọjá tó, bó ṣe wà nínú bíkà lásìkò yẹn. Bí ẹ bá bu omi là á, κ yóò wálẹ̀, torí áyọ́nù tó wà nínú ìwọ̀n omi kan náà ti dínkù. Bó ṣe rí fún alágbára nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún aláìlágbára.

Èkejì ni ìgbéná móòlù, Λ. Kò sí mítà tó ń kà á tààrà, àwa la máa ṣírò rẹ̀. Ìbéèrè tó ń dáhùn nìyí: ká ní a gbé awo ẹlẹ́kítíróòdù méjì síwájú ara wọn, tí sẹ̀ntímítà kan péré wà láàárín wọn, tí awo náà sì fẹ̀ débi tí odidi móòlù kan ohun tí a yọ́ fi lè wà láàárín wọn, pẹ̀lú gbogbo omi tó yọ́ sí, báwo ni iná tó ń kọjá yóò ṣe pọ̀ tó? Nítorí pé móòlù kan ni a ń bi nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ kíki ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó kù fún wa láti wò ni ìdá tó túká àti ìyára áyọ́nù.

Bí κ bá wà ní µS/cm, tí c sì wà ní mol/L, ìṣirò náà kò ju èyí lọ:

```
Λ = κ × 0.001 / c        (S cm²/mol)
```

Ẹ fi KCl 0.01 mol/L dán an wò: 1413 × 0.001 / 0.01 = 141.3 S cm²/mol. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣe ni pé mítà a máa yí ara rẹ̀ láti µS/cm sí mS/cm tí nọ́ńbà bá ti tóbi. Ẹ kọ ẹyọ ìwọ̀n sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kà. Ẹgbẹ̀rún kan µS/cm ló wà nínú 1 mS/cm, ẹni tó bá gbàgbé yóò rí Λ tó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún yapa.

Pípo omi méjèèjì

Omi tí ẹ máa fi là ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi tó mọ́ pátápátá ń ka 0.055 µS/cm ní 25 °C, àmọ́ kété tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, kábọ́nù dáyọ́ksáídì inú atẹ́gùn yóò yọ́ sínú rẹ̀, yóò sì gbé e dé nǹkan bíi 1 µS/cm. Èyí tó bá ka 1 sí 1.5 ṣeé lò. Èyí tó bá ti kọjá 2, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ yìí. A máa rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Fún KCl, ẹ yan án nínú ẹ̀rọ ayangbẹ ní 110 °C fún wákàtí méjì, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò tí ọ̀rinrin kò lè wọ̀. Ẹ wọn 1.864 g, ẹ yọ́ ọ nínú omi díẹ̀, ẹ dà á sínú ìgò ìwọ̀n 250 mL, ẹ fi omi ṣan bíkà sínú ìgò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá fi omi kún un dé ojú àmì. 0.1 mol/L nìyẹn.

Ásíìdì gba sùúrù díẹ̀ sí i. Èyí tí kò ní omi nínú jẹ́ nǹkan bíi 17.4 mol/L, nítorí náà 1.44 mL rẹ̀ nínú 250 mL yóò fún wa ní nǹkan bíi 0.1 mol/L. Ẹ kọ́kọ́ bu omi dé ìdajì ìgò kí ẹ tó da ásíìdì sí i, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, torí ó ń jó ara, òórùn rẹ̀ sì ń ta imú. Àmọ́ ẹ má gbára lé 1.44 mL yẹn. Ásíìdì náà máa ń fa ọ̀rinrin, kò sì rọrùn láti wọn ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀. Ẹ mú 25.0 mL nínú ohun tí ẹ pò, ẹ kán fẹnọ́fútálíìnì méjì mẹ́ta sí i, kí ẹ máa da sódíọ́mù háídírọ́ksáídì tí ẹ ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú sí i títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ó bá gba 24.6 mL ti 0.1000 mol/L, a jẹ́ pé ásíìdì yín jẹ́ 0.0984 mol/L. 0.0984 yẹn ni kí ẹ fi ṣe gbogbo ìṣirò, ẹ gbàgbé 0.1.

Láti inú ìgò méjèèjì ni a ti máa bu omi là, ọ̀nà kan náà sì ni a ó gbà fún KCl àti fún ásíìdì. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì mú 50 mL sínú ìgò ìwọ̀n 100 mL, ẹ fi omi kún un, 0.05 mol/L nìyẹn. 20 mL nínú 100 yóò fún yín ní 0.02, 10 mL yóò fún yín ní 0.01, 5 mL yóò sì fún yín ní 0.005. Fún 0.001, ẹ mú 10 mL látinú 0.01 tí ẹ ti pò, kì í ṣe 1 mL látinú ti àkọ́kọ́: bí pípẹ́ẹ̀tì bá fi 0.02 mL yẹ̀, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ nínú 1 mL, kò sì tó nǹkan nínú 10 mL. Ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ mú ṣan pípẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lò ó. Bí ìgò bá ti kún dé àmì, ẹ dé e, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò ní ìgbà mẹ́wàá ó kéré tán. Omi tí kò pò dáadáa máa ń ka nọ́ńbà kan lókè, kó tún ka òmíràn nísàlẹ̀.

Títo mítà kí a tó kà

Ọ̀pá mítà ní awo méjì, ìgbéná tó ń wọn sì dúró lórí bí awo náà ṣe fẹ̀ tó àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Òǹkà ọ̀pá ni a fi ń yí ohun tó wọn padà sí κ. Ẹ lo ọ̀pá tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1 cm⁻¹, yóò gba gbogbo ohun tí a fẹ́ wọn níbí.

Láti mọ òǹkà náà dájú, ẹ ti ọ̀pá bọ inú omi KCl tí a mọ̀ pé ó jẹ́ 1413 µS/cm ní 25 °C. Ká ní ìgbéná tí mítà wọn kí òǹkà tó wọ̀ ọ́ jẹ́ 1382 µS, òǹkà ọ̀pá yín jẹ́ 1413 / 1382 = 1.022 cm⁻¹. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbí: ẹ má fi KCl 0.01 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò fún iṣẹ́ yìí to mítà. Bí ẹ bá ti wọn ìyọ̀ náà ní àwọ̀njù, òǹkà ọ̀pá yóò gbé àṣìṣe náà mì, KCl yín yóò dára lójú, ásíìdì ni yóò wá jìyà rẹ̀. Èyí tí a rà, tàbí èyí tí a wọn lọ́tọ̀, ni kí ẹ fi to ó.

Mítà tó dára ń lo iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì àti mítà iná lásán ṣe é yóò rí i pé nọ́ńbà ń sá wálẹ̀ bó ṣe ń wò ó, torí iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo máa ń kó áyọ́nù jọ sára awo, afẹ́fẹ́ a sì máa hó jáde níbẹ̀. Ohun tó ń wọn nígbà náà kì í ṣe omi mọ́, ara awo ni.

Ọ̀rọ̀ ooru kù. Ìgbéná omi ìyọ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ mítà ní ètò tó ń tún èyí ṣe fúnra rẹ̀, àmọ́ ìdá méjì yẹn ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú rẹ̀, ó bá ìyọ̀ mu, kò bá ásíìdì mu, torí ìyára H⁺ kì í fò sókè tó bẹ́ẹ̀ bí ooru bá pọ̀ sí i. Ẹ pa ètò yẹn. Ẹ gbé gbogbo ìgò sínú agbada omi tó dúró ní 25.0 °C fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá kà wọ́n.

Kíkà

Ibi tó là jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, 0.001, kí ẹ máa gòkè lọ sí 0.1. Ohun tó bá kù sára ọ̀pá láti inú èyí tó là kò lè ba èyí tó ki jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan látinú 0.1 tó láti da 0.001 rú. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú omi tí ẹ fẹ́ wọn ṣan ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da ìyẹn nù. Ẹ wá ti ọ̀pá bọ inú èyí tó kù títí tí ihò ara rẹ̀ yóò fi wọlé, kí ẹ mì í díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín awo lè jáde. Kó má fara kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ bíkà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ka nọ́ńbà, ẹ gbé ọ̀pá jáde, ẹ tún un bọ̀ ọ́, ẹ tún kà. Bí kíkà mẹ́ta kò bá sún mọ́ra tó ìdá kan nínú igba, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀, tàbí ooru kò tíì dúró.

Ẹ parí KCl kí ẹ tó bọ́ sórí ásíìdì. Iye tó yẹ kí ẹ rí ní ibi mẹ́ta nìyí, ásíìdì tó jẹ́ 0.1 gan-an ni mo sì fi ṣe é:

| c (mol/L) | κ KCl (µS/cm) | Λ KCl | κ ásíìdì (µS/cm) | Λ ásíìdì |
|---|---|---|---|---|
| 0.1 | 12,890 | 128.9 | 520 | 5.2 |
| 0.01 | 1,413 | 141.3 | 163 | 16.3 |
| 0.001 | 147 | 147 | 49 | 49 |

Ẹ kọ́kọ́ wo κ. Nígbà tí a là á ní ìlọ́po mẹ́wàá láti 0.1 sí 0.01, ti KCl fi nǹkan bí ìlọ́po 9.1 wálẹ̀. Ti ásíìdì fi ìlọ́po 3.2 péré wálẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni mítà kò lè fi hàn wá nígbà tí a kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá wo Λ: méjèèjì ló ń gòkè. Ti KCl fi nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láti òkè tábìlì dé ìsàlẹ̀. Ti ásíìdì ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ. Gígòkè ni gígòkè ń jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń gbé wọn gòkè yàtọ̀ síra.

Ìdí tí ti KCl fi ń rọra gòkè

Kò sí áyọ́nù tuntun kankan tó jáde nígbà tí a bu omi là KCl. Móòlù kan rẹ̀ ti túká tán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyára wọn ló yí padà. Nínú omi tó ki, K⁺ kọ̀ọ̀kan ní Cl⁻ tó pọ̀ díẹ̀ láyìíká rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí wọ́n ń fa ara wọn. Bí iná bá ti fẹ́ gbé K⁺ lọ sí apá kan, àwọn tó yí i ká ń lọ sí apá kejì, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì tún ń wọ́ omi lọ ní òdìkejì ibi tó ń lọ. Bí ẹni tó fẹ́ gba àárín èrò tó ń bọ̀ kọjá ló rí. Bí a ṣe ń là á, àwọn áyọ́nù ń jìnnà síra, ìfàsẹ́yìn náà ń dínkù, títí tí Λ yóò fi sún mọ́ òté rẹ̀, ìyẹn ibi gíga jù tó lè dé, 149.8. Òté yìí ni a ń pè ní Λ°, ìgbéná móòlù nígbà tí áyọ́nù kò mọ ara wọn lára mọ́ rárá.

Friedrich Kohlrausch, ará Jámánì, ló fi ìwọ̀n hàn pé nínú omi tó là, Λ elẹ́kítíróláìtì alágbára máa ń wálẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú √c, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò mú c jáde:

```
Λ = Λ° − A√c
```

Ẹ ya Λ KCl sórí pépà ìlà, kí √c wà lórí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ máa rí i pé láti 0.001 dé 0.01, àwọn àmì náà tò gbọọrọ, àmọ́ láti 0.02 lọ sókè, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Ẹ wo ó nínú nọ́ńbà: (149.8 − 141.3) / 0.1 jẹ́ 85, nígbà tí (149.8 − 128.9) / 0.316 jẹ́ 66. Kò yẹ kí A yí padà, ó sì ti yí padà. Ìtumọ̀ èyí ni pé kí ẹ má fi 0.1 àti 0.05 fa ìlà tí ẹ máa fi wá Λ°. Ẹ fi àwọn tó wà nísàlẹ̀ 0.01 fà á, ẹ fa á dé ibi tí √c ti jẹ́ òdo, ẹ óò sì bá ara yín létí 150.

Ìdí tí ti ásíìdì fi ń fò

Nínú ásíìdì àsẹ́tíìkì, áyọ́nù kéré débi pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ara wọn sẹ́yìn, kódà ní 0.1. Ohun tó ń gbé Λ gòkè níbí ni pé áyọ́nù fúnra wọn ń pọ̀ sí i fún móòlù kọ̀ọ̀kan. Mólékù ásíìdì ń túká lọ́wọ́ kan, H⁺ àti CH3COO⁻ ń pàdé ara wọn padà lọ́wọ́ kejì. Bí omi bá pọ̀ sí i, títúká kò dáwọ́ dúró, torí mólékù kan kò nílò ẹlòmíràn kó tó túká, àmọ́ kí áyọ́nù méjì pàdé ti ṣòro sí i. Ọ̀pá òṣùwọ̀n bá fì sí apá títúká.

Láti mọ ìdá tó túká, α, a óò pín Λ tí a wọn sí Λ° ásíìdì náà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè fa ìlà √c láti rí Λ° yìí. Ẹ dán an wò lórí pépà: ìlà ásíìdì sùn nílẹ̀ lápá ibi tó ki, ó wá ta sókè bíi pé kò ní dúró mọ́ bó ṣe ń sún mọ́ òdo. Kódà ní 0.000028 mol/L, Λ rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bíi 210 lọ, bẹ́ẹ̀ òté rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 391. Kò sí rúlà tó lè fo irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Kohlrausch náà ló tún là wá níbí. Ó rí i pé lórí òté, áyọ́nù kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ tó ń mú wá, ẹni yòówù kó bá a rìn. Nítorí náà a lè fi àwọn alágbára mẹ́ta tí Λ° wọn rọrùn láti rí kọ́ ti aláìlágbára. Ẹ mú HCl (426.0), ẹ fi sódíọ́mù àsẹ́téètì (91.0) kún un, ẹ yọ NaCl (126.4) kúrò. Na⁺ àti Cl⁻ pa ara wọn rẹ́, H⁺ àti CH3COO⁻ ló ṣẹ́kù:

```
Λ° = 426.0 + 91.0 − 126.4 = 390.6 S cm²/mol
```

Ẹ wá ṣírò α. Ní 0.1 mol/L, 5.2 / 390.6 jẹ́ 0.0133: nínú ẹgbẹ̀rún mólékù, mẹ́tàlá péré ló túká. Ní 0.01, 16.3 / 390.6 jẹ́ 0.0417. Ní 0.001, 49 / 390.6 jẹ́ 0.125, ó ti di márùndínláàádóje nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ rí i pé c wálẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, α sì gòkè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí κ kò fi wálẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò tó lágbára jù lọ fún iṣẹ́ yín ni ti Wilhelm Ostwald, onímọ̀ kẹ́mísírì, tó gbé e jáde ní 1888. Bí òótọ́ ni pé títúká àti pípadà ló ń ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní yí padà bó ti wù kí a là á tó:

```
K = c α² / (1 − α)
```

Ní 0.1, ó jẹ́ 1.79 × 10⁻⁵. Ní 0.01, ó jẹ́ 1.81 × 10⁻⁵. Ní 0.001, ó jẹ́ 1.79 × 10⁻⁵. Λ ti fi ju ìlọ́po mẹ́sàn-án yí padà, K kò kúrò lójú kan. Ẹ fi èrò kan náà dán KCl wò, kí ẹ pín 128.9 sí 149.8 kí ẹ pè é ní α: K tí yóò jáde ní 0.1 àti ní 0.001 kò ní sún mọ́ra rárá, torí kì í ṣe títúká ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan lè ya yín lẹ́nu nínú tábìlì. Ní 0.001, ìdá méjìlá àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ásíìdì ló túká, síbẹ̀ κ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti KCl tó túká tán. H⁺ ló ṣe é. Ìpín rẹ̀ lórí òté jẹ́ 349.8, nígbà tí K⁺ jẹ́ 73.5. Áyọ́nù yòókù nínú iṣẹ́ yìí ń la omi kọjá fúnra wọn. H⁺ kì í rìn bẹ́ẹ̀: mólékù omi kan ń gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì ń fa òmíràn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Bí nọ́ńbà bá kọ̀

Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ojú tó fi ń hàn. Bí Λ KCl bá kọjá 149.8 ní 0.001 nìkan, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé omi tí ẹ fi là á kò mọ́, tàbí pé ìgò kò ṣàn dáadáa. Omi tó ń ka 3 µS/cm fi 3 kún 147, Λ ti di 150 nìyẹn. Fún KCl, ẹ lè yọ κ omi kúrò nínú κ tí ẹ kà, yóò sì bá òótọ́ mu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ásíìdì. Ohun tó ń gbé iná nínú omi wa, áyọ́nù tí kábọ́nù dáyọ́ksáídì bí ló pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì máa ń padà di odidi mólékù bí H⁺ inú ásíìdì àsẹ́tíìkì bá bá wọn. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, ẹ ti yọ ju bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyọ̀ ló wà nínú omi náà, kò ní lọ síbì kankan. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má lo omi tó kọjá 2 nìyẹn: 2 nínú 49 jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ọ̀nà tó mọ́ láti yọ ọ́.

Bí gbogbo Λ KCl bá fi ìdá kan náà ga jù tàbí relẹ̀ jù, láti òkè dé ìsàlẹ̀, òǹkà ọ̀pá ni kí ẹ tún wò, tàbí ooru. Àṣìṣe yìí yóò hàn ní ìlọ́po méjì nínú K ásíìdì, torí α wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí KCl bá dára tí K ásíìdì sì dúró lójú kan, àmọ́ tí kò sí níbi tó yẹ, c ásíìdì ni kí ẹ tún wọn. Bí K bá ń gòkè kìkì ní apá ibi tó là, ọ̀rọ̀ omi tún ni.

Ẹni tó bá ní omi kan tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè lo ìdajì ọ̀nà yìí: kó là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kó pín κ àkọ́kọ́ sí èkejì. Bí èsì bá jẹ́ 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, alágbára ni. Bó bá wà létí 3.2, aláìlágbára ni. Àárín méjèèjì ló gba àròjinlẹ̀. Ásíìdì kíláráàsẹ́tíìkì, tí K rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.4 × 10⁻³, yóò fún yín ní nǹkan bíi 3.6 láti 0.1 sí 0.01, àmọ́ láti 0.01 sí 0.001, ìdá tó túká nínú rẹ̀ ti ju ìdajì lọ, èsì yóò sì di nǹkan bíi 4.6. Bí ẹ bá tún là á sí i, yóò máa lọ sí ọ̀nà 10 bíi ti KCl. Nítorí náà ìlọ́po mẹ́wàá kan kò tó fún irú rẹ̀. Ẹ là á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wò bóyá èsì kejì ju èkíní lọ: bí èkíní bá ti kéré, tí èkejì sì pọ̀ sí i dáadáa, ohun tó ṣì ń túká ló wà nínú bíkà yín.